Òótọ́ Tí Kì Í Ṣe Ìdáhùn

Ọ̀sán Sátidé ni, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìjọsìn àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ìlú Húsítọ̀n, ìpínlẹ̀ Tẹ́ksáàsì. Àwọn ìyá ń gbé kúlà ìrẹsì wọlé fún àpèjẹ ìrọ̀lẹ́. Ní igun yàrá, ọmọ mẹ́fà jókòó ti tábìlì gígùn kan, oníkálukú pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìdánwò oṣù karùn-ún ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún, ti tẹjú mọ́ gráàfù kan fún bí ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀rọ̀ odò kan ló wà níbẹ̀. Omi ẹ̀gbin ìlú ń ṣàn wọnú odò náà ní ojú kan, àwọn kan sì wọn omi odò láti ibẹ̀ títí lọ sísàlẹ̀. Ìlà búlúù ń sọ bí ọ́síjìn tó yòrò sínú omi ṣe tó. Ìlà pupa ń sọ bí ẹ̀gbin ṣe pọ̀ tó. Ìbéèrè náà kò gùn rárá: èló ni ọ́síjìn inú omi ní kìlómítà 5 sísàlẹ̀ ibi tí ẹ̀gbin ti wọlé? Ìdáhùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀. A ni 4, B ni 5.6, C ni 10, D ni 14.

Ó mú C.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn, ọkùnrin ará Ìjẹ̀bú tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. "Báwo lo ṣe dé orí 10?"

"Mo gùn kìlómítà 5 lọ sókè, sà, mo kan ìlà búlúù, mo wá wo nọ́ńbà tó bá a dọ́gba lẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Ẹ̀gbẹ́ wo?"

Ọmọ náà dákẹ́. Gráàfù náà ní òpó nọ́ńbà méjì. Tọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 10, ti ọ́síjìn nìyẹn. Tọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 25, ti ẹ̀gbin nìyẹn. Ìlà tó tọ́ lọmọ náà tẹ̀lé, àmọ́ òpó ọwọ́ ọ̀tún ló kà. Bó bá ka ọwọ́ òsì ni, ì bá rí 4.

Kì í ṣe pé ó kàn ṣèèṣì bá 10 pàdé. Ẹni tó ṣe ìbéèrè náà ti mọ̀ pé ẹnìkan máa ka òpó òdìkejì, ó sì ti gbé nọ́ńbà tí onítọ̀hún máa rí síbẹ̀ dè é. 5.6 ń dúró de ẹni tó bá mú ìlà pupa tó sì kà á lọ́wọ́ òsì. 14 ń dúró de ẹni tó ka ìlà pupa bó ti yẹ, tó wá gbàgbé pé ọ́síjìn ni wọ́n bi òun. Àṣìṣe mẹ́ta, ìdáhùn mẹ́ta.

Ohun tí mo rí nídìí tábìlì yẹn ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí tí mo bá sọ̀rọ̀ gbà pé ìdáhùn tí kò tọ́ nínú ìdánwò ọbujẹ́tíìfù jẹ́ ìdọ̀tí tí wọ́n fi dí àyè. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní orúkọ àṣìṣe tó bí i, ẹni tó bá sì lè pe orúkọ yẹn ló lè yọ ọ́ kúrò láìfòyà.

Ìdánwò náà gan-an

Ìdánwò sáyẹ́ǹsì àyíká tí àwọn ọmọ yìí ń múra fún wà lábẹ́ ètò AP, èyí tí àjọ Kọ́lẹ́jì Bọ́ọ̀dù ń darí ní Amẹ́ríkà. Ètò náà ń jẹ́ kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ṣe iṣẹ́ tó tó ti ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 5, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì ń ka 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà ti ṣe tán, kálukú gẹ́gẹ́ bí òfin tirẹ̀. Fún òbí tó ń san owó yunifásítì Amẹ́ríkà, owó gidi lèyí.

Ọdún 1998 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdánwò sáyẹ́ǹsì àyíká yìí. Nígbà yẹn, ọgọ́rùn-ún ìbéèrè ló wà ní apá ọbujẹ́tíìfù, ìdáhùn márùn-ún sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti 2020 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ìbéèrè 80, ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin, láàárín 90 ìṣẹ́jú. Wọ́n tún gbà kí wọ́n máa lo ẹ̀rọ ìṣírò. Apá yìí ló ń kó 60 nínú ọgọ́rùn-ún máàkì; àwọn ìbéèrè mẹ́ta tí ọmọ ń kọ èsì rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń kó èyí tó kù.

Ohun kan tún wà tí àwọn òbí tó ti pẹ́ nílùú yìí kò tíì gbọ́. Tẹ́lẹ̀, bí ọmọ bá méfò tó sì kùnà, wọ́n máa ń yọ díẹ̀ nínú máàkì rẹ̀. Wọ́n ti pa ìyẹn rẹ́ láti 2011. Òfìfo kò ní èrè kankan mọ́. Ìyá kan tó ń tò ìrẹsì sórí tábìlì gbọ́ èyí, ó rẹ́rìn-ín. "Nígbà tiwa, bá a bá ti rí i pé aago fẹ́ lù, C la máa ń mú fún gbogbo èyí tó kù," ó ní. "Àwọn kan máa ń sọ pé èyí tó bá gùn jù ni kí a mú."

Mo bi olùkọ́ yunifásítì kan tó ti ń kọ irú ìbéèrè báyìí fún kíláàsì rẹ̀ bóyá òótọ́ wà nínú ìyẹn. Ó ní ọgbọ́n àtijọ́ yẹn máa ń ṣiṣẹ́ lára ìbéèrè tí wọ́n kọ ní ìkánjú, torí pé olùkọ́ tó ń kánjú máa ń fi àlàyé kún ìdáhùn tó tọ́ kó má bàa ní àríyànjiyàn, á wá fi àwọn tó kù sílẹ̀ ṣókí. "Ìdánwò ńlá kì í rí bẹ́ẹ̀," ó ní. "Wọ́n ń gé gígùn wọn dọ́gba, wọ́n sì ń pín ìdáhùn tó tọ́ káàkiri lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tó kù fún ọmọ láti fi yàn ni ìmọ̀ rẹ̀ àti bó ṣe ń kàwé."

Ó fi kún un pé òun kì í gbàgbọ́ nínú ìmọ̀ràn tó ní kí wọ́n sá fún ọ̀rọ̀ bíi "gbogbo ìgbà" àti "kò sí rárá". Lóòótọ́, ohun alààyè kún fún àyàfi, ìdáhùn tó bá ní "gbogbo ẹ̀dá inú igbó yóò kú" sì sábà máa ń kùnà. Ṣùgbọ́n agbára, bó ti ń ti ara ewéko bọ́ sí ara tata, tó ń ti ara tata bọ́ sí ara ọ̀pọ̀lọ́, máa ń sọ apá kan nù bí ooru ní gbogbo ìgbà. Kò sí àyàfi níbẹ̀. Ọmọ tó bá sá fún "gbogbo ìgbà" á sá fún òótọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ òótọ́

Ohun tó le jù nínú sáyẹ́ǹsì àyíká ni pé ìṣòro ayé pọ̀, gbogbo wọn sì jọra létí. Ìdáhùn ẹ̀tàn kì í sábà jẹ́ irọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ òótọ́ nípa ìṣòro mìíràn.

Olùkọ́ ará Ìjẹ̀bú náà kọ ọ̀kan sójú pátákó. Èwo nínú àwọn wọ̀nyí ló ṣàlàyé jù lọ ohun tó mú kí ìpele ọsóónù òkè ojú sánmọ̀ tín-ín-rín? A: gáàsì CO₂ ń dá ooru ayé dúró kó má bàa jáde. B: kílórínì tó ti inú kẹ́míkà CFC jáde ń fọ́ ọsóónù sí wẹ́wẹ́. C: èéfín ọkọ̀ àti oòrùn ń di ọsóónù nítòsí ilẹ̀. D: gáàsì imí ọjọ́ ń yòrò sínú òjò, òjò náà á sì kan bí ọsàn wẹ́wẹ́.

Ọmọ mẹ́ta mú A. Mo rí i pé ẹnu kò ya olùkọ́ náà.

"Ẹ má sọ fún mi pé A kò tọ́," ó ní. "Ẹ sọ fún mi, ìbéèrè wo ni A ń dáhùn?"

Wọ́n rò ó díẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní ìbéèrè nípa ìgbóná ayé ni. Ẹlòmíràn ní C ń dáhùn ìbéèrè nípa kùrukùru ìlú ńlá, èyí tó ń fún àwọn oníkọ́ ẹ̀fúùfù ní wàhálà. D ń dáhùn ìbéèrè nípa òjò oníkíkan tó ń ba adágún odò àti igbó jẹ́. Ó ku B.

Ọ̀nà tó fi ṣe é yìí dùn mọ́ mi ju kó kàn ní kí wọ́n "yọ èyí tí kò dáa kúrò". Ọmọ tó bá ń wá irọ́ nínú A kò ní rí irọ́ kankan, torí kò sí níbẹ̀. Á kà á lẹ́ẹ̀mẹta, á máa rí i pé ó bá ohun tí òun kọ́ mu, ọkàn rẹ̀ á sì fà sí i. Àmọ́ bó bá bi ara rẹ̀ léèrè ìbéèrè tí gbólóhùn náà ń dáhùn, ìyàtọ̀ á hàn lójú ẹsẹ̀.

Ọsóónù yìí gan-an ló ń kó ọmọ sí ìjàngbọ̀n jù, nítorí pé ojú méjì ló ní. Èyí tó wà lókè ojú sánmọ̀ ń gba ìtànṣán oòrùn tó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara sára, òun la fẹ́ kó pọ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀, níbi tí a ti ń mí, májèlé ni. Kẹ́míkà inú fíríìjì àti agolo ìfínra àtijọ́ ló ń jẹ tòkè, òun ni àwọn orílẹ̀-èdè fi fọwọ́ sí àdéhùn Mọ́ńtíríà ní 1987. Èéfín mọ́tò ló ń bí tìsàlẹ̀. Nítorí náà, kí ọmọ tó wo ìdáhùn kankan, kó kọ́kọ́ wo ìbéèrè bóyá "òkè" ni wọ́n kọ tàbí "ìsàlẹ̀". Ọ̀rọ̀ kan yẹn nìkan ti lé ìdáhùn C lọ.

Oríṣi ẹ̀tàn kejì tó tún wọ́pọ̀ ni èyí tó yí ọ̀rọ̀ sódì: ohun tó jẹ́ àbájáde ni wọ́n máa fi ṣe okùnfà. Èyí máa hàn nígbà tí a bá padà sétí odò.

Kí a tó dáhùn, kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n wọ̀n

Nínú ìdánwò náà, àwọn ìbéèrè kan máa ń wá ní ìdìpọ̀: gráàfù, tábìlì, máàpù tàbí ìpínrọ̀ kan, tí ìbéèrè méjì mẹ́ta á sì tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni aago ti ń sá fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Wọ́n máa ń sáré lọ sídìí ìbéèrè, wọ́n á tún padà sídìí gráàfù, wọ́n á tún lọ.

Olùkọ́ náà ní kí ọmọbìnrin tó mú C yẹn gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, kó kàn fẹnu sọ ohun tó wà nínú gráàfù náà bí ẹni ń ròyìn fún ẹni tí kò rí i. Kò ní tó ìdajì ìṣẹ́jú. Ó ní:

"Ìlà ìdúbúlẹ̀ ni bí ibẹ̀ ṣe jìn tó, ní kìlómítà. Òpó òsì ni ọ́síjìn inú omi, mílígíráàmù nínú lítà kan, 0 dé 10. Òpó ọ̀tún ni BOD, òun náà mílígíráàmù nínú lítà kan, 0 dé 25. Ọ́síjìn ń já wálẹ̀, ó sì tún ń gòkè padà. BOD ga níbẹ̀rẹ̀, ó wá ń dínkù."

"Kí ni BOD?"

"Ọ́síjìn tí àwọn bakitéríà máa nílò láti fi jẹ ẹ̀gbin inú omi, sà. Bó bá ga, ẹ̀gbin pọ̀ nìyẹn."

Ìgbà yẹn ló tó jẹ́ kó dáhùn. Ó ti mọ òpó tó jẹ́ ti ìlà wo, nítorí náà kìlómítà 5 kò tún lè tàn án mọ́. Ohun mìíràn tún wà tó lè fi yẹ ara rẹ̀ wò. Ṣáájú ojú ìwọlé ẹ̀gbin, ní òkè odò, ọ́síjìn jẹ́ 8. Ẹ̀gbin ti wọlé, wọ́n sì ń sọ fún wa pé ọ́síjìn di 10? Omi tí wọ́n da ẹ̀gbin sí kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ ní ọ́síjìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí nìkan ti tó láti mú kéèyàn padà wo òpó tó ń kà.

Ẹ jẹ́ kí n to àwọn nọ́ńbà náà sílẹ̀ kí ẹ lè máa bá wa bọ̀. Lókè odò, kí ẹ̀gbin tó wọlé, ọ́síjìn jẹ́ 8, BOD jẹ́ 2. Ní ojú ìwọlé gan-an, ọ́síjìn di 7, BOD sì fò dé 20. Ní kìlómítà 5, ọ́síjìn 4, BOD 14. Ní kìlómítà 10, ọ́síjìn 2, BOD 9. Ní 20, ọ́síjìn ti gòkè sí 4. Ní 40 ó di 7, nígbà tó sì fi máa di 60, ó ti padà sí 8, BOD sì ti padà sí 2. Olùkọ́ ló ṣe nọ́ńbà wọ̀nyí fún ẹ̀kọ́, àmọ́ bí odò gidi ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ìṣírò tí àṣìṣe ti ń dúró dè

Ìbéèrè kejì béèrè ìdá tí ọ́síjìn fi dínkù láti òkè odò títí dé ibi tó ti kéré jù. Àwọn ìdáhùn rẹ̀ ni 6, 25, 75 àti 300 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọ́síjìn já láti 8 sí 2. Ohun tó sọnù jẹ́ 6. A ó fi 6 pín sí 8, torí 8 ni ó fi bẹ̀rẹ̀. A rí 0.75, èyí tí í ṣe 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wo àwọn tó kù. Ẹni tó yọ 2 kúrò nínú 8 tó wá dúró síbẹ̀ á rí 6 nílẹ̀, inú rẹ̀ á sì dùn. Ẹni tó fi 2 pín sí 8 á rí 25: ohun tó ṣẹ́ kù nìyẹn, kì í ṣe ohun tó lọ. Ẹni tó fi 6 pín sí 2, ìyẹn nọ́ńbà ìgbẹ̀yìn dípò nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀, á rí 300.

Ó yẹ kí 300 ti lé ara rẹ̀ lọ. Ohun kan kò lè dínkù ju gbogbo ara rẹ̀ lọ. Bó bá tán pátápátá, 100 ló pọ̀ jù. Síbẹ̀, ọmọ kan nídìí tábìlì yẹn mú un, nítorí pé ẹ̀rọ ìṣírò ló fún un. Bí nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fún ọ bá wà lára ìdáhùn mẹ́rin náà, ìyẹn kò tíì sọ pé o ṣe é re. Àwọn tó ṣe ìbéèrè ti ṣe ìṣírò àṣìṣe rẹ ṣáájú rẹ.

Nítorí náà ni olùkọ́ náà kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣírò kí wọ́n tó fojú inú wọ̀n ọ́n. Láti 8 sí 2, ṣé ó ju ìdajì lọ àbí kò tó bẹ́ẹ̀? Ó ju ìdajì lọ. Nígbà náà, 6 àti 25 ti lọ. 300 kò ṣeé ṣe. 75 nìkan ló dúró, láìtíì tẹ bọ́tìnnì kankan.

Ìdí tó wà nínú gráàfù àti ìdí tó wà lọ́pọlọ

Ìbéèrè kẹta fi gráàfù sílẹ̀ díẹ̀. Kí ló fa kí ọ́síjìn já báyìí? A: omi gbígbóná láti ilé iṣẹ́ kan, torí omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn dúró tó omi tútù. B: àwọn ẹja kú, wọn kò sì mú ọ́síjìn wá mọ́. C: bakitéríà ń pọ̀ sí i, wọ́n ń lo ọ́síjìn bí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀gbin. D: ewéko inú omi ń lo ọ́síjìn nígbà tí wọ́n bá ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ.

D yí ọ̀rọ̀ sódì: bí ewéko bá ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ, ńṣe ló ń tú ọ́síjìn jáde. B náà yí i sódì lọ́nà tirẹ̀, torí pé ẹja kì í mú ọ́síjìn wá, mímí ló ń mí i. Bí wọ́n bá sì kú, àìsí ọ́síjìn ló pa wọ́n. Èyí ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo sọ pé àbájáde máa ń wọ aṣọ okùnfà.

A ló gba ìrònú. Gbólóhùn tó wà nínú A jẹ́ òtítọ́ sáyẹ́ǹsì: omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn dúró dáadáa, ooru láti ilé iṣẹ́ iná mànàmáná sì ń ṣe odò níbi lóòótọ́. Ọmọ tó gbọ́n tó sì kàwé ló máa fẹ́ mú A. Àmọ́ níbo ni wọ́n ti wọn bí omi ṣe gbóná sí? Kò sí lórí gráàfù. BOD ni wọ́n wọ̀n, BOD sì ni nǹkan tó fò láti 2 sí 20. Bí ìbéèrè bá dúró lórí gráàfù, ìdáhùn gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí nǹkan kan lórí gráàfù náà. C lè ṣe bẹ́ẹ̀, A kò lè ṣe é.

Ibí yìí náà ni mo ti rí ààlà ọgbọ́n yíyọ ìdáhùn kúrò. Ọmọ tí kò mọ̀ pé ewéko máa ń tú ọ́síjìn jáde kò ní ohun tó máa fi yọ D. Kò sí ọgbọ́n ìdánwò tó lè gba ipò ìmọ̀ yẹn, mo sì sọ èyí nítorí àwọn òbí tó ń sanwó fún "ọgbọ́n ìdánwò" nìkan, tí ọmọ wọn kò sì tíì ka ìwé rẹ̀ dé ìdajì.

Ìbéèrè ìkẹyìn nínú ìdìpọ̀ náà ló wù mí jù. Èwo nínú àwọn ìparí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni àwọn nọ́ńbà inú gráàfù tì lẹ́yìn? A: omi odò náà ṣeé mu ní kìlómítà 60. B: kò sí ẹja tó yè ní kìlómítà 10. C: ibi tí ọ́síjìn ti kéré jù wà nísàlẹ̀ ibi tí BOD ti ga jù. D: ìlú náà gbọ́dọ̀ kọ́ ilé ìfọ̀mọ́ omi ẹ̀gbin.

Ọmọ mẹ́rin mú A tàbí B. Ọ́síjìn ti padà sí 8 ní kìlómítà 60, wọ́n ní, omi ti mọ́. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn kò sọ nǹkan kan fún wa nípa kòkòrò àìsàn tàbí òjé tó lè wà nínú omi. Ní ti B, òótọ́ ni pé mílígíráàmù 2 kéré púpọ̀. Nítòsí ìwọ̀n yẹn ni àwọn onímọ̀ ti ń pe omi ní ibi tí ọ́síjìn kò ti tó, bíi ti àgbègbè tí ẹ̀dá omi kò ti lè gbé tó máa ń yọjú lọ́dọọdún nínú òkun Gọ́ọ̀fù, kò sì jìnnà púpọ̀ sí Húsítọ̀n. Ọ̀pọ̀ ẹja á sá, àwọn mìíràn á kú. Àmọ́ àwọn ẹja kan wà tó lè farada á, kò sì sẹ́ni tó ka ẹja kankan nínú gráàfù yìí. D jẹ́ ìmọ̀ràn tó dáa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó yẹ kí ìlú náà ṣe, àmọ́ ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe ohun tí nọ́ńbà sọ.

C nìkan lèèyàn lè fọwọ́ kàn. BOD ga jù ní 0, ọ́síjìn kéré jù ní kìlómítà 10. Ìdí rẹ̀ ni pé jíjẹ tí bakitéríà ń jẹ ẹ̀gbin máa ń gba àkókò, omi kò sì dúró dè wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá máa fi lo ọ́síjìn náà dé góńgó, omi ti gbé wọn lọ jìnnà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gbin ń tán lọ, omi ń gba afẹ́fẹ́ tuntun látòkè bó ti ń ṣàn lórí òkúta, ewéko náà ń fi tiwọn kún un, ni ọ́síjìn bá ń padà.

Ní ọjọ́ ìdánwò

Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà báyìí. Láti 2025 ni wọ́n ti ń fi ètò Bluebook ṣe ìdánwò yìí látòkèdélẹ̀. Ètò náà ní bọ́tìnnì kan tó ń jẹ́ kí ọmọ fa igi lé ìdáhùn tó ti yọ kúrò, òmíràn tó ń sàmì sí ìbéèrè tó fẹ́ padà wá wò, àti ẹ̀rọ ìṣírò Desmos nínú ara rẹ̀. Ó yẹ kí ọmọ ti lo wọn nílé, torí ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé bọ́tìnnì ìfàgilé náà wà títí wọ́n á fi jáde nínú gbọ̀ngàn.

Ìbéèrè 80 nínú 90 ìṣẹ́jú fún ọmọ ní ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kúrú, bíi ti ọsóónù, kì í gbà tó bẹ́ẹ̀. Ara wọn ni a ti ń fi àkókò pamọ́ fún gráàfù. Bí ìdáhùn méjì bá kù tí kò sì lè ya wọn, kó mú ọ̀kan, kó sàmì sí i, kó máa lọ. Ẹni tó yan nínú mẹ́rin láìmọ nǹkan kan ní àǹfààní kan nínú mẹ́rin. Ẹni tó ti yọ méjì kúrò pẹ̀lú ìdí gidi ní ọ̀kan nínú méjì.

Mo bi àwọn tó wà nínú yàrá náà bóyá ó dáa kí ọmọ yí ìdáhùn rẹ̀ padà. Ìyá tó ń tò ìrẹsì yára dáhùn pé rárá, ohun tó bá kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni kéèyàn dì mú. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ náà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní yunifásítì Ìlínọ́ì yẹ ìwé ìdánwò tó ju 1,500 lọ wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005. Nínú gbogbo ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti pa ìdáhùn rẹ́ tí wọ́n mú òmíràn, nǹkan bí ìdajì ló kúrò lórí àìtọ́ bọ́ sórí èyí tó tọ́. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin ló kúrò lórí èyí tó tọ́ bọ́ sórí àìtọ́. Àwọn tó kù kúrò lórí àìtọ́ kan bọ́ sórí àìtọ́ mìíràn. Ohun tó ń mú kí àwa gbà pé yíyí i padà kò dáa ni pé èyí tí a yí tó wá bàjẹ́ máa ń dunni gan-an, a kì í sì gbàgbé rẹ̀.

Òfin tí olùkọ́ ará Ìjẹ̀bú náà fi lélẹ̀ fún wọn kò le: bí o bá rí ìdí tí o lè sọ lẹ́nu, yí i padà, bó bá jẹ́ àyà rẹ ló kàn ń já, fi í sílẹ̀. Òpó òdìkejì tí o kà jẹ́ ìdí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mú C" kì í ṣe ìdí.

Ó tún ní kí oníkálukú ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan. Fún gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bá kùnà nínú ìdánwò àfidánrawò, wọn kò ní kọ ìdáhùn tó tọ́ nìkan síbẹ̀. Wọ́n á kọ èyí tí wọ́n mú, wọ́n á sì kọ orúkọ àṣìṣe tó bí i: òpó òdìkejì, òótọ́ nípa ìṣòro mìíràn, àbájáde dípò okùnfà, nọ́ńbà ìgbẹ̀yìn dípò ti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí gráàfù kò wọ̀n. Ọmọbìnrin ọjọ́ náà ṣí ìwé tirẹ̀ hàn mí. Nínú ojú ìwé méjì tó ti kún, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló kọ "mi ò mọ̀ ọ́n". Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kù ni "mi ò ka òpó", olùkọ́ rẹ̀ sì ti yí i po ní bíírò pupa, ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé gráàfù mẹ́wàá ni kó fẹnu ròyìn fún òun kó tó di Sátidé tó ń bọ̀, láìdáhùn ìbéèrè kankan.